Ṣé ìyá rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ni, àbí ó ń kọ́ fífò? Bí a ṣe ń fi fọ́tò mọ irú ọmọ ẹyẹ tó wà nílẹ̀

Láti ìgbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa títí di ìgbà tó bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, fọ́tò ọmọ ẹyẹ kì í wọ́n lórí Wasáàpù mi. Àwọn ará àdúgbò wa ní Àkúrẹ́ níbí mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹyẹ, wọ́n sì mọ̀ pé ń kò ní bínú bí wọ́n bá jí mi ní kùtùkùtù. Ọ̀rọ̀ tó máa ń tẹ̀ lé fọ́tò náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá ẹyẹ yìí ti já a jù sílẹ̀. Kí ni ká fún un jẹ?" Lọ́pọ̀ ìgbà, ìyá ẹyẹ tí wọ́n ń bú yẹn wà lórí wáyà iná lókè orí ẹni tó ń ya fọ́tò, ó gbé kòkòrò sẹ́nu, ó ń retí kí onífọ́tò kúrò níbẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ ká là kí a tó tẹ̀ síwájú. Pé ìyá kọ ọmọ sílẹ̀ kò ní àmì lára ọmọ. Kò sí ibi tí a fẹ́ wò lára ẹyẹ nínú fọ́tò tí yóò sọ fún wa pé ìyá rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Ohun tó ní àmì ni ọjọ́ orí, fọ́tò tó mọ́ dáadáa sì lè sọ ìyẹn. Bí a bá ti mọ ọjọ́ orí, a ti mọ ibi tó yẹ kí ọmọ náà wà, bóyá inú ìtẹ́ ni tàbí ìta. Bí ìta bá ló yẹ kó wà, tó sì jẹ́ ìta náà la ti rí i, kò sí ọ̀rọ̀ kíkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀. Bí inú ìtẹ́ bá ló yẹ kó wà, tó wá jẹ́ pé orí kọnkéré la ti bá a, ó ti já bọ́ nìyẹn, ó sì nílò ọwọ́ èèyàn. Ẹni tó já bọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n kọ̀.

Ẹ̀gà ni mo máa fi ṣàlàyé jù, torí òun ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí ọ̀pẹ bá wà láàárín ìlú wa, ariwo ẹ̀gà ò ní jìnnà síbẹ̀. Nǹkan bí ọjọ́ 12 ni wọ́n fi ń sàba lórí ẹyin. Ọmọ á jáde níhòòhò, ojú rẹ̀ á dì, á sì wà nínú ìtẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, á bẹ́ jáde. Ọjọ́ tó bẹ́ jáde yẹn ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín òun àti àwa èèyàn, torí kò tíì lè fò dáadáa. Á máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún nílẹ̀, á gun igbó kékeré kan, á tún já bọ́, á wá jókòó síbì kan bí ẹni tó ń ronú. Ìyá rẹ̀ ṣì ń wá a kiri, ó ṣì ń fi oúnjẹ sí i lẹ́nu fún ọjọ́ mélòó kan sí i. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àìsàn ló ń ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ bèèrè fọ́tò mìíràn

Fọ́tò àkọ́kọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wúlò. Bí gbogbo wa ṣe ń yà á ni pé a ó fi ọwọ́ òsì ká ẹyẹ náà mọ́ àtẹ́lẹwọ́, a ó fi ti ọ̀tún yà á látòkè. Ọwọ́ ti bo ìrù àti ẹsẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì gan-an la fẹ́ rí. Orí àti ẹnu nìkan ló kù, orí ọmọ ẹyẹ sì máa ń tan èèyàn jẹ. Ìhùùhù díẹ̀ á dúró gánńgán lókè ojú rẹ̀ bí irun arúgbó, igun ẹnu rẹ̀ á yọ síta bí ètè, á pọ́n bí ìyeyè. Gbogbo ìyẹn wà lára ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá, ó sì wà lára èyí tó ti ń bẹ́ kiri ìta. Ẹnu tó pọ́n bí ìyeyè kò sọ ju pé ọmọdé ni.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n gbé ẹyẹ náà sílẹ̀, kí wọ́n sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ méjì, kí wọ́n lóṣòó títí fóònù yóò fi bá ẹyẹ dọ́gba, kí wọ́n sì yà á láti ẹ̀gbẹ́. Kí wọ́n má tan iná fóònù o, torí iná yẹn máa ń sọ gbogbo ìyẹ́ di funfun báláú. Kí wọ́n fi ìdérí ìgò mínírà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdérí yẹn fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 3 níbi gbogbo, òun ni mo fi ń wọn ẹyẹ, nítorí láìsí i, ọmọ àdàbà àti ọmọ ológoṣẹ́ lè tóbi bákan náà lójú fọ́tò. Fọ́tò kejì, kí ó jẹ́ ti ibi tí wọ́n ti rí i, kí wọ́n yà á tòkè tilẹ̀, kí n lè rí igi, òrùlé tàbí wáyà tó wà lókè.

Tí ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ẹ tẹ `HD` tàbí kí ẹ fi í ránṣẹ́ bíi `Document`. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ mi á ti fún pọ̀, ìyẹ́ àti awọ ara á sì dà bí ara wọn. Ẹ sọ àkókò tí ẹ yà á pẹ̀lú. Ẹnìkan fi ọmọ ẹyẹ kan hàn mí rí, a jọ fi bí ìṣẹ́jú ogún jiyàn lórí rẹ̀, ló bá di pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí i láti Oǹdó, ní àná.

Bí ẹyẹ náà bá sì sá wọ inú igbó kí ẹ tó yà á tán, ìdáhùn ti dé nìyẹn. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: apá àti ìrù

Ibí yìí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ìyẹ́ ẹyẹ kì í hù bí irun. Inú àpò kékeré kan ló ti máa ń yọ, àpò náà rí roboto, ó dúdú bí eérú, ó ń dán díẹ̀, ó le bí ẹnu abẹ́rẹ́. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, orí àpò náà á bẹ́, ìyẹ́ á yọ jáde lókè rẹ̀ bí irun búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi ń kun ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni àpò á máa já dànù díẹ̀díẹ̀ bí ìpẹ́pẹ́, títí ìyẹ́ náà á fi tẹ́ pẹrẹsẹ.

Tí ẹ bá fẹ fọ́tò náà sí apá, ẹ̀gbẹ́ apá ni kí ẹ wò, kì í ṣe èjìká. Bí ó bá jẹ́ àpò náà lẹ rí, tó tò tẹ̀lé ara wọn bí eyín ìyàrun, ọmọ inú ìtẹ́ ni, kódà bí ojú rẹ̀ bá ti là. Bí ó bá jẹ́ búrọ́ọ̀ṣì lẹ rí, tí ìdajì ṣì jẹ́ àpò, inú ìtẹ́ náà ló yẹ kó wà. Bí ìyẹ́ apá bá ti tẹ́, tí wọ́n gun orí ara wọn bí páànù òrùlé, tí apá tó pa mọ́ sì dé ẹ̀yìn ìdí, ó ti tó jáde.

Ìrù ló máa ń dá èèyàn lójú jù. Ọmọ inú ìtẹ́ kò ní ìrù tí a lè sọ̀rọ̀ rẹ̀, bóyá orí ìṣáná mẹ́rin márùn-ún tó yọ níbi ìdí. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ìrù, àmọ́ ó kúrú bí ẹni pé wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ara ti àgbà, ìrù ti ọmọdé. Àwọn tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń ní ológbò ti já ìrù rẹ̀. Ológbò kọ́ o, kò tíì hù tán ni.

Òjò ló máa ń ba ibi yìí jẹ́. Ẹyẹ tí òjò pa mọ́jú á dì mọ́ ara, ìyẹ́ á so pọ̀ ní ṣọ́ńṣọ́, awọ pupa á hàn láàárín wọn, èèyàn á ní ìhòòhò ni. Mo ti tipa èyí ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàtọ̀ ni pé omi kò lè mú ìyẹ́ kúrú. Ṣọ́ńṣọ́ tó gùn tó ìka ọmọdé, tó sì rọ̀ kalẹ̀, ìyẹ́ tútù ni. Èyí tó kúrú, tó dúró gan, tó sì roboto láti ìdí dé orí, àpò ni. Bí ẹ kò bá dájú, ẹ ní kí wọ́n fi í sí ibi tí oòrùn ti ń kan ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ òjìji, kí wọ́n sì tún un yà lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹsẹ̀, àti ohun tó wà nílẹ̀

Ọmọ inú ìtẹ́ kì í dúró. Ikùn rẹ̀ ló máa ń gbé lélẹ̀, ẹsẹ̀ á yà sọ́tùn-ún sósì, tàbí kí ó fi ojúgun jókòó bí ẹni tó kúnlẹ̀. Èyí tó ti jáde á dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú, á gùn ún, á sì dì í mú. Fọ́tò ẹyẹ tó dúró lórí ìka èèyàn láìsí ọwọ́ kejì tó gbá a mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ọ̀rọ̀.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tó yí i ká. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó ṣì tutù, tó ní funfun, tó sì ju ẹyọ kan lọ níbi tó jókòó sí, ìròyìn ayọ̀ ni. Ohun tí kò wọlé lẹ́nu kò lè jáde ní ìdí, ẹnìkan ti ń fún un jẹ nìyẹn.

Àwọn àmì kan wà tó ń fagi lé gbogbo ìṣirò ọjọ́ orí. Ẹ̀jẹ̀. Apá kan tó rọ̀ sísàlẹ̀ ju èkejì lọ. Eṣinṣin tó bà lé e tí kò gbọn ara, tàbí nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí ìrẹsì kékeré láàárín ìyẹ́, ẹyin eṣinṣin nìyẹn. Pé ológbò ti gbé e sẹ́nu, kódà bí a kò bá rí ojú egbò, torí ohun tó wà lẹ́nu ológbò lè pa ẹyẹ láàárín ọjọ́ méjì mẹ́ta. Èyí tó bá ní ọ̀kan nínú wọn nílò dókítà ẹran, yálà ọmọ inú ìtẹ́ ni tàbí èyí tó ti jáde.

Fọ́tò kan láti Àùlé

Ọmọkùnrin aládùúgbò mi kan tí wọ́n ti kó lọ sí Àùlé fi fọ́tò ránṣẹ́ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, lẹ́yìn òjò oníjì. Ọmọ ẹyẹ méjì wà nínú abọ́ ike, wọ́n ya ẹnu sílẹ̀ gbàgà. Imọ̀ ọ̀pẹ kan ló ti wó lulẹ̀ ní òru, ìtẹ́ ẹ̀gà bíi mẹ́fà sì so mọ́ ọn. Ó kọ ọ́ pé: "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ mà. Ìyá wọn ti sá lọ. Mo ti ń fún wọn ní búrẹ́dì àti mílíìkì."

Ohun àkọ́kọ́ tí mo sọ ni pé kí ó gbé búrẹ́dì náà kúrò. Èmi náà ti fi búrẹ́dì pa ọmọ ẹyẹ rí. Mo wà ní iléèwé girama nígbà náà, mo fi omi rẹ búrẹ́dì, mo fi ṣíbí kékeré rọ ọ́ sí i lẹ́nu, kò sì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu mí. Ọ̀nà èémí ẹyẹ wà ní ìdí ahọ́n, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi tí a bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ibẹ̀ lọ tààrà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì ní tirẹ̀, inú ẹyẹ kò lè dà á.

Mo ní kí ó gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan jáde, kí ó tò wọ́n sórí páálí, kí ó fi ìdérí sí ẹ̀gbẹ́, kí ó sì yà wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Nínú abọ́, wọ́n jọ ara wọn bí ìbejì. Lórí páálí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ti àkọ́kọ́ gùn tó ìdérí mẹ́ta àti ààbọ̀. Ìyẹ́ rẹ̀ tutù, ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ti ń gbó, àyà rẹ̀ sì pọ́n díẹ̀. Apá dé ẹ̀yìn ìdí, ìrù wà, ó kúrú tó ìka ẹsẹ̀ mi. Ó dúró. Nínú fọ́tò kejì, ó ti kúrò lórí páálí, ìdérí nìkan ló kù, mo rẹ́rìn-ín. Èyí ti tó jáde, ìjì kàn ń kánjú fún un ní ọjọ́ kan tàbí méjì ni.

Ti èkejì kò tó ìdérí mẹ́ta. Ojú rẹ̀ là, ẹnu rẹ̀ yà, ó ń pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun gan-an ló sì dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le jù lójú ọmọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n búrọ́ọ̀ṣì ni mo rí ní ẹ̀gbẹ́ apá rẹ̀, ìdajì àpò, ìdajì ìyẹ́. Ikùn rẹ̀ wà níhòòhò, ó yọ róbótó. Orí ojúgun ló jókòó lé. Ìrù rẹ̀ jẹ́ orí ìṣáná. Mo fojú bù ú pé ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ kan, kò tíì pé méjì. Inú ìtẹ́ ló yẹ kó wà. Ìtẹ́ kan náà kọ́ ni àwọn méjèèjì ti wá, bí mo ṣe rò ó, torí ọjọ́ orí wọn jìnnà sí ara wọn jù.

Mo ní kí ó gbé àkọ́kọ́ lọ sínú igi ewúro tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ náà, kí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ lé ẹ̀ka tó ga ju ibi tí ológbò lè na ọwọ́ sí, kí ó sì kúrò níbẹ̀. Ó bèèrè ohun tí gbogbo èèyàn ń bèèrè, pé ṣé ìyá rẹ̀ á gbà á báyìí tí òun ti fọwọ́ kàn án. Á gbà á. Ohùn ọmọ àti ẹnu rẹ̀ tó yà ni ìyá ń tẹ̀ lé, òórùn ọwọ́ wa kò ní kó lé ọmọ rẹ̀ jù sílẹ̀.

Fún èkejì, mo ní kí ó kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bò ó títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọmọ tó tutù kì í lè ya ẹnu, ọmọ tí kò ya ẹnu kì í rí jẹ. Lẹ́yìn náà, kí ó mú ìtẹ́ tó ṣì dára jù lórí imọ̀ tó wó, kí ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀ka gúáfà tó súnmọ́ ọ̀pẹ náà jù, kí ẹnu ìtẹ́ kọjú sísàlẹ̀ bí ẹ̀gà ṣe ń ṣe é, kí ó sì ti ọmọ náà wọlé. Kí ó wá wọlé tirẹ̀ náà, kí ó máa wo ojú fèrèsé. Ẹni tó bá dúró sí ìdí igi láti máa ṣọ́ ìyá ẹyẹ, òun fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ìyá wá. Wákàtí kan sí méjì ni kí èèyàn fi ṣọ́ ọ, kí ó má sì gbójú kúrò pẹ́, torí ìyá á bà, á ki ẹnu bọ ẹnu, á lọ, kí a tó ka márùn-ún ó ti tán.

Kò tó wákàtí kan tí fọ́tò fi dé láti ojú fèrèsé, ó ṣú, ó gbọ̀n, àmọ́ abo ẹ̀gà kan wà nínú ewúro náà. Ti gúáfà pẹ́. Ọ̀sán ti ń pọ́n kí abo kan tó so rọ̀ mọ́ ìtẹ́ náà, ó sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ inú ìtẹ́ yẹn ti kú. Tanpẹ́pẹ́ ló wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n tò láti ìdí igi gúáfà gba orí okùn dé ẹnu ìtẹ́. Mo ti rí fọ́tò igi náà kí a tó so ó, mo sì wo gíga rẹ̀, mo wo bó ṣe súnmọ́ ọ̀pẹ sí, ń kò fẹ̀ ẹ́ kí n wo èèpo rẹ̀. Nígbà tí mo padà sídìí fọ́tò náà, ìlà tanpẹ́pẹ́ hàn gbangba lára igi náà, ó tínrín bí okùn dúdú. Láti ìgbà náà, mo máa ń ní kí wọ́n ya ìdí igi fún mi lọ́tọ̀, kí wọ́n sì fi gírísì díẹ̀ kun okùn ìsorọ̀ náà.

Àwọn tí òfin yìí kò mú

Àdàbà ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù lẹ́yìn ẹ̀gà. Ọmọ àdàbà á jáde nínú ìtẹ́ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, á wá bà síbì kan nílẹ̀, kò ní pariwo, kò ní ya ẹnu, kò sì ní sá. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n rò pé ó ń kú lọ. Àdàbà kì í ya ẹnu bí ẹ̀gà, ọmọ ló ń ki ẹnu bọ inú ẹnu ìyá tàbí bàbá láti mu ohun bíi wàrà tí wọ́n ń pọ̀ sókè láti inú àpò oúnjẹ tó wà ní ọ̀fun wọn. Nítorí náà, ẹ má fi ẹnu dá a lẹ́jọ́. Apá àti ìrù náà ni kí ẹ wò. Bí ìyẹ́ bá ti bò ó, tó jẹ́ pé irun pupa rẹ́súrẹ́sú díẹ̀ ló kù lórí àti ọrùn rẹ̀, ó ti jáde fúnra rẹ̀.

Alápàándẹ̀dẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, pàápàá èyí tó ní apá gígùn bí dòjé, tí ìdí rẹ̀ funfun, tó sì ń gbé abẹ́ òrùlé àti abẹ́ afárá. Tí ẹ bá rí i nílẹ̀ nínú fọ́tò, tó nà gbalaja, tí apá rẹ̀ kọjá ìrù, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré débi pé ẹ̀ẹ̀ ń wá a, ẹ má sọ pé ó ń kọ́ fífò. Irú ẹyẹ yìí kì í sọ̀kalẹ̀ wá kọ́ fífò nílẹ̀, ọjọ́ tó bá kúrò nínú ìtẹ́ ló ti ń fò, ìyá rẹ̀ kì í sì í wá bọ́ ọ nílẹ̀. Nílẹ̀, wàhálà ló wà, ó nílò ìrànlọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jù ú sókè láti wò ó bóyá á fò o.

Lékèélékèé náà ń kọ́? Bí ẹ bá rí ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi tí wọ́n pọ̀ sí, tí ìhùùhù ṣì wà lára rẹ̀, òkè lọ́hùn-ún ni oúnjẹ wà, àwọn òbí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ wá bọ́ èyí tó já bọ́. Tirẹ̀ súnmọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní kíkọ̀sílẹ̀ ju ti ẹyẹ mìíràn lọ.

Ọmọ àparò àti ti awó sì dà bí òròmọdìẹ. Ìhùùhù ló bò wọ́n, kò sí ìyẹ́ gidi, síbẹ̀ wọ́n ń sáré láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fi òfin apá àti ìrù wò ó, ẹ ó ní ọmọ inú ìtẹ́ ni, ẹ ó sì máa wá ìtẹ́ tí kò sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gùn, tó nípọn, tó sì gbé e ró dáadáa ni yóò là yín. Irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ tó bá dá wà, ó ti ṣìnà ni. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀ fún ohùn ìyá nínú igbó tó wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan sí i, torí ó ti dà mí láàmú rí. Nínú ìtẹ́ ẹ̀gà, ẹ lè bá ọmọ kan tí ẹnu rẹ̀ pupa fòò, tí kò jọ ọmọ ẹ̀gà rárá. Ẹyẹ kan wà tó máa ń yé ẹyin rẹ̀ sínú ìtẹ́ ẹ̀gà kí ẹ̀gà lè bá a tọ́ ọ. Ẹ̀gà tó ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ kò ṣìnà, òun ló ń tọ́ ọ. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé ọmọ ọlọ́mọ ni kí wọ́n gbé e jù síta.

Ọmọkùnrin Àùlé náà fi fọ́tò kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin. Ewé ewúro nìkan ló kún inú rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí i pé ẹyẹ dà. Ó ní, "Ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa, Àǹtí, ọwọ́ òsì, nísàlẹ̀." Mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi ṣú, kí n tó rí igun ẹnu kan tó pọ́n bí ìyeyè láàárín ewé méjì, àti lẹ́yìn rẹ̀, ìrù tó ti gùn díẹ̀ sí i.